Ṣé ṣúgà inú mílíìkì ni inú ọmọ kò lè dà, àbí mílíìkì gan-an ni ara rẹ̀ kọ̀?

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn obìnrin Fúlàní tó ń se wàrà lágbègbè Ìlọrin ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí àlàyé yìí dá lé lórí. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ka iná tí kò le, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á sì máa wò ó títí yóò fi dì. Nígbà tó bá dì tán, nǹkan méjì ló máa ń wà níbẹ̀: wàrà funfun tó ti so pọ̀, àti omi tó yà sọ́tọ̀ lára rẹ̀, èyí tó máa ń ro dànù nígbà tí wọ́n bá bu wàrà náà sínú agbọ̀n kékeré. Purotéènì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì náà wà nínú èyí tó dì. Ṣúgà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní láktóòsì, bá omi lọ ní tirẹ̀.

Ojú ibi tí wàrà àti omi rẹ̀ ti pínyà yìí gan-an ni àìsàn méjì tí àwọn òbí máa ń pè ní ọ̀kan ṣoṣo ti pínyà. Bí inú ọmọ kò bá lè da láktóòsì, ṣúgà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà kò sì kọjá ikùn àti ìfun. Bí ó bá jẹ́ pé ara ọmọ ló kọ mílíìkì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní àlẹ́jì mílíìkì, purotéènì ni ara ń bá jà, ìjà náà sì lè dé awọ, ọ̀nà èémí àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí, ègé wàrà kan náà tí ọmọ àkọ́kọ́ lè jẹ láìsí wàhálà tó tó nǹkan lè gbé ọmọ kejì dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pe èyí tó ṣàn ní mílíìkì, a ó sì máa pe èyí tó dì ní wàrà, bí wọ́n ti ń pè é lọ́jà Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ṣúgà. Láktóòsì kò lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ sí méjì, èròjà kan tó ń jẹ́ láktéèsì, tó wà lára awọ inú ìfun kékeré, ló sì ń fọ́ ọ. Bí láktéèsì kò bá tó, ṣúgà náà á lọ sínú ìfun ńlá láìfọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti máa fa omi mọ́ra, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun yóò sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ àti èròjà kíkan. Ohun tó ń mú kí inú máa kùn nìyẹn, tí ikùn ń wú, tí ọmọ ń só lemọ́lemọ́, tí ìgbẹ́ olómi tó ń rùn kan sì ń tú jáde. Èròjà kíkan inú ìgbẹ́ yìí náà ló ń bó ìdí ọmọ títí yóò fi pọ́n yòò.

Àwọn ìyá àgbà sábà máa ń sọ pé mílíìkì kò bá ìdílé àwọn mu, wọn kò sì purọ́. Bí ọmọ bá ti ń kọjá ọdún 2 tàbí 3, láktéèsì máa ń dín díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tó padà di mínísítà ètò ìlera, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí ní Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé àgbàlagbà Yorùbá tí inú rẹ̀ ń da láktóòsì dáadáa kò wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Fúlàní darandaran tí mílíìkì jẹ́ oúnjẹ wọn láti ìran dé ìran. Nítorí náà, àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn tó mu ife mílíìkì kan kò ní àìsàn. Bí wọ́n ti dá a nìyẹn. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé kí ìyá àgbà fi inú ara rẹ̀ wo inú ọmọ oṣù 3.

Ọmọ tuntun ń gbé láktéèsì rẹ̀ wá sáyé ni, nítorí pé ọmú tó fẹ́ gbé e ró kún fún láktóòsì. Nínú mílílítà 100 ọmú ìyá, láktóòsì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 7. Ti màlúù kò ju nǹkan bí gíráàmù 5 lọ. Ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ kò sì yí iye yẹn padà. Bí ọmọ kan bá wà tí kò ní láktéèsì rárá láti inú oyún, ọmú gan-an ni yóò kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì ti gbé e lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an káàkiri ayé. Nítorí náà, bí ọmọ oṣù 4 kan bá ti ń mu ọmú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tó sì ń sanra, tí ẹnì kan wá sọ pé inú rẹ̀ kò gba láktóòsì nítorí pé ó ń sunkún ní ìrọ̀lẹ́ tàbí pé ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan a máa rọ̀, a máa yelo, ó sì lè wá nígbà mélòó kan lójúmọ́ láìsí pé àìsàn kankan ń ṣe é.

Ìgbà tí ọmọ kékeré máa ń pàdánù láktéèsì ní tòótọ́ ni ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti bá ìfun rẹ̀ jà. Ká mú ọmọ oṣù 11 kan ní Ọ̀fà, tó ń mu ọmú láàárọ̀ àti lálẹ́, tó sì ń mu mílíìkì ọmọdé inú agolo lọ́sàn-án. Ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ibà ti lọ, èébì ti dúró, ọmọ ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kò dúró. Ìyá rẹ̀ wá ṣàkíyèsí pé ní wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tó bá mu ti agolo, ikùn á le, á máa kùn, ìgbẹ́ á sì tú jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti ìfófòó, ìdí ọmọ sì ti bó. Ètè rẹ̀ kò wú, ara rẹ̀ kò lé, kò wúkọ́, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ní ọjọ́ tí agolo kù díẹ̀, tó sì mu ìdajì ohun tó máa ń mu, ìgbẹ́ náà dín kù.

Ohun tí ìyá yìí rí níparí yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà ni ọ̀rọ̀ náà, ìyọnu máa ń tẹ̀lé òṣùwọ̀n: díẹ̀ mú díẹ̀ wá, púpọ̀ mú púpọ̀ wá. Kòkòrò tó fa àìsàn àkọ́kọ́ ti bó awọ tí láktéèsì ń jókòó lé lórí nínú ìfun, láktéèsì sì bá a lọ. Awọ náà yóò hù padà, ó sì sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aládùúgbò á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí pé eyín ló ń yọ. Ní tèmi, agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ohun tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sún mọ́ ọmọ yìí, nítorí pé púpọ̀ nínú agbo bẹ́ẹ̀ ń mú ìgbẹ́ yá sí i ni, omi ara ọmọ tó ti ń gbẹ yóò sì túbọ̀ gbẹ.

Ohun tí wọ́n á ṣe fún un kò le. Omi iyọ̀ òun ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kọ ORS sí lára, ni wọ́n á máa fi rọ́pò omi tó ń jáde. Wọ́n á fún un ní oògùn síńkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 jẹ́ mílígíráàmù 10. Wọn kò gbọ́dọ̀ já ọmú lẹ́nu rẹ̀, bí ọmú tilẹ̀ ní láktóòsì, nítorí pé ọmú ń wo ìfun náà sàn bó ti ń bọ́ ọmọ. Mílíìkì inú agolo nìkan ni wọ́n á kàn pààrọ̀ sí irú ti ọmọdé tí wọ́n ti yọ láktóòsì kúrò nínú rẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Bí agbára ilé kò bá ká a, ọmọ tó ti ju oṣù 6 lọ bí èyí lè fi ògì tó ki, tí wọ́n po edé gbígbẹ lílọ̀ àti òróró díẹ̀ mọ́, ẹ̀wà rírọ̀ tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, àti ẹyin sísè gbé ìgbà náà kọjá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, tó sì jẹ́ pé agolo nìkan ló ń mu, kò ṣeé fi ògì dípò bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Níhìn-ín ni wàrà ti tún wọ ọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀fà yìí lè jẹ wàrà, nítorí pé ṣúgà tó pọ̀ jù ti bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé inú omi rẹ̀ náà ni àwọn tó ń tà á máa ń jẹ́ kó wà nínú igbá tàbí ọpọ́n títí wọ́n á fi tà á tán. Kí wọ́n ro omi yẹn kúrò, kí wọ́n ṣan wàrà náà, kí wọ́n sì tún un sè kí ó hó dáadáa kí wọ́n tó rún un fún ọmọ. Yógọ́ọ̀tì tí wọn kò fi ṣúgà kún náà máa ń rọrùn fún irú inú bẹ́ẹ̀ ju mílíìkì lọ, nítorí pé kòkòrò tó mú un kan ti jẹ díẹ̀ nínú láktóòsì rẹ̀. Nọ́nò tí wọ́n fi mílíìkì tí kò hó ṣe ni kí wọ́n yàgò fún. Kòkòrò mìíràn lè wà nínú rẹ̀, ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná kò sì nílò ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, kí wọ́n dán mílíìkì wò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, kí ó má jẹ́ lórí inú òfìfo. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá lé ní ọjọ́ 14, bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá tọ̀ dáadáa mọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àlẹ́jì mílíìkì kò jọ èyí rárá. Ká lọ sí Òmù-Àrán, níbi tí ọmọ oṣù 6 kan, tí kò tíì mu ohunkóhun ju ọmú lọ, ti bẹ̀rẹ̀ ògì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n da mílíìkì ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀ sí i. Ọmọ náà lá ṣíbí 2 tàbí 3, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ògì ló gbóná. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣan abọ́ tán, ara rẹ̀ ti lé láti ọrùn dé àyà bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ káàkiri, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó tún bì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá àgbà rò pé wọ́n ti fi nǹkan jẹ ọmọ. Ó sáré gbé epo pupa àti mílíìkì olómi inú agolo wá, nítorí pé ohun tí wọ́n mọ̀ sí ẹ̀rọ̀ májèlé nìyẹn láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí agolo yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ti lè kú. Ara ọmọ yìí ti ka purotéènì mílíìkì sí ọ̀tá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọmú ló ti kọ́kọ́ pàdé ìwọ̀nba rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú purotéènì mílíìkì tí ìyá mu máa ń dé inú ọmú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí purotéènì náà bá tún dé, àwọn ohun tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣùwọ̀n kò ní agbára níhìn-ín bíi ti ṣúgà. Ìwọ̀nba tó kù sára ṣíbí lè tó fún ọmọ mìíràn, mílíìkì tó sì kàn án lára lásán lè mú kí ojú ibẹ̀ lé. Mílíìkì olómi tí ìyá àgbà gbé wá jẹ́ ohun kan náà tó dá ìjà sílẹ̀, epo pupa sì lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó ń bì.

Irú àlẹ́jì yìí máa ń yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2. Bí ara bá lé nìkan, kí wọ́n dá mílíìkì dúró, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Bí èémí rẹ̀ bá ń hán, bí ohùn rẹ̀ bá há, bí ahọ́n bá wú, bí ó bá ń bì léraléra, tàbí bí ó bá rọ jọwọlọ tí ojú rẹ̀ sì funfun, àsìkò kò sí mọ́. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń bì, kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn jù. Abẹ́rẹ́ àdírénálíìnì tí wọ́n ń gún sí itan ni oògùn rẹ̀. Oògùn olómi tí wọ́n ń lò fún ara yíyún lè mú kí ara tó lé rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀nà èémí tó ń dí. Kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì ní gbólóhùn kan pé mílíìkì ni ọmọ mu àti ìṣẹ́jú mélòó tó ti kọjá, nítorí pé ohun tí yóò mú kí ó tètè mọ ohun tó ń bá jà nìyẹn.

Ọmọ Òmù-Àrán yẹn padà bọ̀ sípò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin ra agolo olówó gọbọi kan ránṣẹ́ sí wọn, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní láktóòsì. Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ àṣìṣe tó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí pé inúure ló ń mú un wá. Ṣúgà nìkan ni wọ́n yọ nínú agolo náà. Gbogbo purotéènì màlúù wà níbẹ̀ láìfọ́. Ọmọ Ọ̀fà ló yẹ ẹ́.

Àlẹ́jì kan tún wà tó máa ń pẹ́ kó tó yọ, òun ló sì ń da àwọn dókítà pàápàá láàmú. Wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí mílíìkì dé inú ọmọ ni yóò fi ara hàn: ìgbẹ́ tó ní ikun àti okùn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, èébì tí kò lọ, awọ tó gbẹ, tó ń pọ́n, tó ń yún, tàbí ọmọ tí kò sanra mọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ń mu ọmú nìkan. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ kò sí lára àmì pé inú ọmọ kò lè da láktóòsì. Bí ibà bá bá ẹ̀jẹ̀ náà rìn, tàbí bí ó bá pọ̀, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí ìfun tó wọ inú ara wọn, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí dókítà bá ti yẹ àwọn wọ̀nyẹn wò tí kò rí wọn, ìyá ni yóò yọ mílíìkì kúrò nínú oúnjẹ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ọmọ yóò sì máa mu ọmú lọ. Mílíìkì inú tíì, wàrà, nọ́nò, yógọ́ọ̀tì, áísíkirimù, bọ́tà, búrẹ́dì tí wọ́n fi mílíìkì pò, bísíkíìtì, àti púpọ̀ nínú ṣokoléètì mímu inú agolo ni yóò fi sílẹ̀. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: kaséìnì àti wéè jẹ́ orúkọ purotéènì mílíìkì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró, iṣẹ́ kò tíì parí. Ó yẹ kí ó tún mu mílíìkì padà ní ìwọ̀nba fún bí ọ̀sẹ̀ kan láti mọ̀ bóyá àmì náà yóò padà. Àìṣe apá kejì yìí ló ń mú kí ìyá máa sá fún mílíìkì fún ọdún kan nítorí ohun tí ì bá ti lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ lé lójú ẹsẹ̀ bíi ti Òmù-Àrán kò sí nínú èyí o: ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dán mílíìkì wò fún un.

Ní ti àyẹ̀wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti awọ lè ran dókítà lọ́wọ́ lórí àlẹ́jì tó ń yọ kíákíá nìkan. Kò lè fi irú tó ń pẹ́ hàn, kò sì mọ nǹkan kan nípa láktóòsì. Ti láktóòsì, ìgbẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ó kan tàbí bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsè ló yẹ kí ilé ìwòsàn kékeré ní Ìgbómìnà tàbí Ìbọ̀lọ́ tọ́ka ọmọ sí bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú.

Kí ni kí ọmọ tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì wá máa jẹ? Ọmú ni àkọ́kọ́, ìyá tó bá sì ti yọ mílíìkì kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ nílò nǹkan bí mílígíráàmù 1,000 kálísíọ̀mù lójúmọ́, bóyá láti inú oúnjẹ tàbí oògùn. Ìlọrin kò ṣe aláìní nínú èyí. Lúrú, ìyẹn ewé oṣè gbígbẹ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń jẹ ọkà, ní kálísíọ̀mù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yànmọ̀tí àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ tegungun-tegungun. Ọmọ tó jẹ́ agolo ló ń mu nílò irú tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi tí ara kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Bí èyí náà bá yọ ọ́ lẹ́nu, irú kan wà tó jẹ́ pé ámínò ásíìdì, ìyẹn èérún tí purotéènì fi ń di odidi, ló wà nínú rẹ̀ dípò purotéènì. Àwọn méjèèjì wọ́n, a kì í sì í rí wọn ní gbogbo ilé oògùn, nítorí náà kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó náwó. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí irú tí wọ́n gé purotéènì rẹ̀ bá ní láktóòsì nínú. Láktóòsì kò ṣe ọmọ yìí ní nǹkan kan. Agolo tí wọ́n kọ HA sí lára kò yẹ ẹ́, nítorí pé ìdajì ọ̀nà ni wọ́n gé purotéènì tirẹ̀ dé. Mílíìkì ewúrẹ́ kò yẹ ẹ́ pẹ̀lú, purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù ju bí ara ọmọ ti lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ. Omi òfíò, omi àgbọn àti kúnnú kò lè dípò mílíìkì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó ti wù kí wọ́n funfun tó.

Mílíìkì sóyà ti ọmọdé inú agolo ṣeé lò lẹ́yìn oṣù 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn ọmọ díẹ̀ ń kọ sóyà náà. Béskè, wàrà tí wọ́n fi sóyà ṣe, dára fún ọmọ tó ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é nílé. Ẹ lọ wo àwọn tó ń dín in létí títì: inú agbada kan náà tí wọ́n ti dín wàrà màlúù ni béskè ń wọ̀, òróró kan náà, ṣíbí kan náà. Dídín kò sì pa kaséìnì. Ó ń fara da iná dáadáa.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ara wọn máa ń gba mílíìkì padà kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tí tiwọn ń pẹ́ kó tó yọ a sì máa yára ju àwọn ìyókù lọ. Nítorí èyí, kí wọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ láìdán an wò mọ́. Bí oṣù 6 bá ti kọjá tí wọ́n ti dá mílíìkì dúró, tàbí bí ọmọ bá pé ọdún kan, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà; kéèkì tàbí bísíkíìtì tí mílíìkì inú rẹ̀ ti yan pẹ́ nínú iná ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wàrà àti mílíìkì tútù ló sì máa ń kẹ́yìn.